Tẹlifíṣọ̀n dé pẹ̀lú sikirín fífọ́, ọlọ́jà ní a ti fọwọ́ sí i: fọ́tò wo ni kí n yà, kí ni kí n tọ́jú?

Wúrà_Àbíkẹ́
Ẹ kú ilé o ẹ̀yin ènìyàn mi, ẹ jọ̀ọ́ ẹ gbà mí. Mo ra tẹlifíṣọ̀n lórí ayélujára, káàdì báńkì ni mo fi sanwó, wọ́n wá gbé e wá lánàá nígbà tí mo wà níbi iṣẹ́. Àbúrò mi ọkùnrin ló gbà á. Dírẹ́bà ní kó yáa fọwọ́ sí i lójú fóònù òun torí ẹrù ṣì pọ̀ nínú mọ́tò, ó sì fọwọ́ sí i. Páálí ò fi bẹ́ẹ̀ bàjẹ́ lójú rẹ̀, àfi ihò kan tí kò ju àtàǹpàkò lọ lápá ìsàlẹ̀. Nígbà tí mo dé lálẹ́ tí mo tú u, ojú rẹ̀ ń dán gbinrin, mi ò rí nǹkan kan, àfi ìgbà tí mo tàn án. Ìlà dúdú ya láti igun ìsàlẹ̀ lápá òsì, àwọ̀ oríṣiríṣi dà kiri, ó lé ní ìdajì tí kò gbé àwòrán rárá.

Mo kọ̀wé sí ọlọ́jà, èsì tó fún mi ni pé ẹ ti fọwọ́ sí i pé ó dé ní pípé, ẹ lọ bá àwọn tó gbé e wá. Mo pe àwọn tó gbé e wá, wọ́n ní kí n lọ bá ọlọ́jà. Fọ́tò wo gan-an ni kí n yà? Kí ni mo gbọ́dọ̀ tọ́jú? Páálí àti fóòmù funfun kún pálọ̀ báyìí, ẹni tá a jọ ń gbé ní òun máa kó gbogbo rẹ̀ dà nù tó bá di ọ̀la.

Gbádébọ̀_K
Má jẹ́ kó da nǹkan kan nù o! Kódà náílọ́nù tó wà lórí rìmóòtù, jẹ́ kó wà níbẹ̀. Àwọn tó mọ̀ ọ́n máa ṣàlàyé fún ẹ, ṣùgbọ́n ṣáà sọ fún onítọ̀hún kó fọwọ́ mọ́lẹ̀ ná.

Bàbá_Olùgbọ́
Àbúrò, mi ò fẹ́ tàn ẹ́. Bí ènìyàn bá ti fọwọ́ sí i, ọ̀rọ̀ ti parí nìyẹn. Ọwọ́ tó fi sí i ni ẹ̀rí tiwọn. Nígbà mìíràn kí àbúrò ẹ kọ́kọ́ kọ "a ò tíì yẹ̀ ẹ́ wò" síbẹ̀ kó tó fọwọ́ sí i, ohun tí èmi máa ń ṣe nìyẹn, kò sì sẹ́ni tó lè dá mi lẹ́bi.

Lékan_Onífáìlì
Bàbá, ẹ má bínú, kò rí bẹ́ẹ̀. Mo ti ṣiṣẹ́ ní ọ́fíìsì ilé iṣẹ́ tó ń gbé ẹrù káàkiri, èmi gan-an ni mo máa ń ka ìwé àwọn tó bá ní ẹrù àwọn fọ́, nítorí náà mo mọ ohun tí àwọn tó jókòó sídìí tábìlì yẹn máa ń wò.

Ọwọ́ tí ènìyàn fi sí i, ohun tó ń sọ ni pé páálí kan dé ọwọ́ ẹ. Kò sọ ohunkóhun nípa ohun tó wà nínú páálí, torí dírẹ́bà náà ò rí inú ẹ̀. Ó máa ń jẹ́ kó ṣòro díẹ̀, mi ò ní parọ́, torí wọ́n á béèrè pé kí ló dé tí ẹ ò sọ̀rọ̀ nípa ihò yẹn lójú ẹsẹ̀, ṣùgbọ́n kò pa ẹjọ́ yẹn. Ẹrù tó fọ́ nínú láìhàn síta, ojoojúmọ́ la máa ń rí i. Àti "a ò tíì yẹ̀ ẹ́ wò" tí Bàbá ń sọ, ẹ gbà mí gbọ́, kò fi bẹ́ẹ̀ wúlò, torí gbogbo ènìyàn ló máa ń kọ ọ́. Ohun tó ń ṣiṣẹ́ ni kéèyàn kọ ohun tó fojú rí: "ihò wà ní ìsàlẹ̀ lápá iwájú." Gbólóhùn kékeré yẹn wúwo ju "a ò tíì yẹ̀ ẹ́ wò" lọ fíìfíì.

Wúrà, ọlọ́jà lo máa dojú kọ. Òun lo sanwó fún. Òun ló gba àwọn tó gbé ẹrù síṣẹ́, òun ló mọ àdéhùn tó bá wọn ṣe, òun náà ni wọ́n máa sanwó ìtanràn fún tí wọ́n bá san. Ìwọ ò bá wọn ṣe àdéhùn kankan. Nítorí náà kò gbọ́dọ̀ máa tì ẹ́ sí wọn. Ṣùgbọ́n kọ̀wé sí i lónìí, má jẹ́ kó di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀, torí ọjọ́ tí òun náà ní láti fi sùn sí àwọn tó gbé e wá máa ń kéré, ó lè jẹ́ ọjọ́ díẹ̀ péré fún irú ìfọ́ tí kò hàn síta. Bí tirẹ̀ bá ti kọjá, ó máa bẹ̀rẹ̀ sí í wá ọ̀nà tó máa gbà dì í lé ẹ lórí.

Ó kan fọ́tò. Má kọ́kọ́ sáré ya sikirín tó fọ́. Gbogbo ènìyàn ló máa ń rán ìyẹn, ọgbọ̀n fọ́tò sikirín lóríṣiríṣi, kò sì sí ẹyọ kan tó fi páálí hàn. Ẹni tó ń ka fáìlì ẹ ti mọ̀ pé sikirín fọ́, ohun tó ń wá ni ibi tó ti fọ́: ṣé lójú ọ̀nà ni àbí nínú ilé ẹ. Páálí ló máa dá a lóhùn. Nítorí náà ya ẹ̀gbẹ́ mẹ́fẹ̀ẹ̀fà páálí, òkè, ìsàlẹ̀ àti mẹ́rin tó yí i ká, kí odindi ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan hàn, títí kan èyí tí kò ní àbùkù kankan. Lẹ́yìn náà ya ìwé pélébé tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ọn, èyí tí àdírẹ́sì àti nọ́ńbà tí wọ́n fi ń tọpa ẹrù wà lára ẹ̀, kó hàn débi téèyàn á lè kà á. Tí òǹtẹ̀ roboto kan bá wà ní ìsàlẹ̀ páálí, ya òun náà, ibẹ̀ ni ilé iṣẹ́ tó ṣe páálí máa ń kọ bí agbára ẹ̀ ṣe tó sí. Àwọn kan máa ń fẹ́ mọ̀ bóyá páálí yẹn lágbára tó ohun tí wọ́n kó sí i.

Tó bá di orí ihò, ẹ̀ẹ̀mejì ni wàá yà á. Yà á látọ̀nà jíjìn kí wọ́n lè rí ibi tó wà lára páálí, kó o tún sún mọ́ ọn kó o fi rúlà sí ẹ̀gbẹ́ ẹ̀. Wá gbé tẹlifíṣọ̀n padà sínú fóòmù ẹ̀ gẹ́lẹ́ bó ṣe wà tẹ́lẹ̀, kí ẹni méjì gbé e o, má dá a gbé, kó o tì í sínú páálí, kó o wò ó bóyá ihò àti ibi tí ìlà dúdú ti bẹ̀rẹ̀ ṣe déédé. Tí wọ́n bá ṣe déédé, fọ́tò yẹn nìkan lè jù gbogbo ìyókù lọ.

Àǹtí_Ṣadé_Ọlọ́jà
Ẹ jẹ́ kí àwa tó ń tajà náà sọ tiwa. Ọjà tó ń fọ́ ni mò ń tà, gíláàsì àti àwo. Ẹni tí kò bá ní fídíò ìgbà tó ń tú ẹrù, èmi kì í dá owó padà fún un, mo sì ti kọ ọ́ sí ojú-ìwé mi gàdàgbà. Ìdí ni pé àwọn kan máa ń ra tuntun, wọ́n á gbé ti ògbólógbòó tó ti fọ́ nílé wọn sínú páálí wa, wọ́n á ní bó ṣe dé nìyẹn. Kí ni mo fẹ́ fi mọ̀? Fídíò gbọ́dọ̀ bẹ̀rẹ̀ látorí páálí tí wọn ò tíì já tépù ẹ̀, kí àdírẹ́sì hàn, kí wọ́n má gé e títí wọ́n á fi yọ ọjà jáde. Wúrà ò ní in, ó máa le díẹ̀ fún un.

Morẹ́nikẹ́jì
Àǹtí, mo bọ̀wọ̀ fún yín, ṣùgbọ́n kíkọ tí ẹ kọ ọ́ sójú-ìwé yín ò sọ ọ́ di òfin. Fídíò dáa, mo gbà, èmi náà máa ń ṣe é tí ọjà bá wọ́n. Ṣùgbọ́n ẹni tí kò ṣe fídíò ò túmọ̀ sí pé òpùrọ́ ni, ọ̀pọ̀ ènìyàn ò mọ̀ pé ẹnì kan máa béèrè ẹ̀. Tó bá jẹ́ pé olè pípààrọ̀ ọjà lẹ ń bẹ̀rù, nọ́ńbà tó wà lẹ́yìn ọjà ló máa yanjú ẹ̀. Ẹ ò mọ nọ́ńbà tẹlifíṣọ̀n tí ẹ tà ni?

Àǹtí_Ṣadé_Ọlọ́jà
Morẹ́nikẹ́jì, àwo ni mò ń tà, àwo ò ní nọ́ńbà. Ṣùgbọ́n fún tẹlifíṣọ̀n, òótọ́ lo sọ. Kó ya nọ́ńbà tó wà lẹ́yìn ẹ̀ àti èyí tó wà lára páálí kí méjèèjì bára mu. Èmi tí mo jẹ́ ọlọ́jà, tí mo bá rí ìyẹn, ara mi á balẹ̀ díẹ̀. Fídíò ni mo ṣì fẹ́ jù o.

Táyọ̀_Ayọ̀
Ṣebí wáráńtì wà lórí ẹ̀? Tèmi ní ọdún kan. Gbé e lọ sọ́dọ̀ àwọn tó ṣe é, kí wọ́n bá ẹ tún un ṣe, kí ló kan ọlọ́jà níbẹ̀. Tèmi tí kò gbóhùn jáde mọ́, kò pẹ́ rárá tí wọ́n fi bá mi pààrọ̀ nǹkan inú ẹ̀. Tàbí kó o pe ẹni tó mọ̀ ọ́n tún ṣe ládùúgbò kó wá ṣí ẹ̀yìn ẹ̀ wò.

Múfútàù_Atúntẹlifíṣọ̀nṣe
Táyọ̀, rárá o, rárá. Iṣẹ́ mi nìyí. Wáráńtì wà fún ohun tó bàjẹ́ fúnra ẹ̀, bíi tìẹ tí ohùn ẹ̀ lọ. Sikirín tó fọ́, wọn kì í kà á mọ́ ọn, bó o bá gbé e débẹ̀ wọ́n á kọ sórí ìwé pé "kọsítọ́mà ló fọ́ ọ," ìwé yẹn gan-an lọlọ́jà á wá fi bá ẹ jà. Tẹ́nikẹ́ni bá sì ṣí ẹ̀yìn ẹ̀ báyìí, ó ti ba ẹjọ́ jẹ́ nìyẹn. Wúrà, kí ẹnikẹ́ni má fi sìkúrù-díráfà kàn án.

Jẹ́ kí n fi kún ohun tí ẹ̀gbọ́n Lékan sọ. Sikirín yìí, ẹ̀ẹ̀mẹ́ta ni wàá yà á. Àkọ́kọ́, nígbà tó wà ní pípa, kó o gbé tọ́ọ̀ṣì sí ẹ̀gbẹ́ kí ìmọ́lẹ̀ rìn lórí ojú ẹ̀. Ohun tó ò rí pẹ̀lú ojú lásán máa yọ. Tí nǹkan kan bá gbá a, wàá rí ojúkò kékeré kan tí àwọn ìlà ya láti ara ẹ̀ lọ síta bí ìtàkùn aláǹtakùn. Tó bá jẹ́ pé wọ́n tẹ̀ ẹ́ tàbí wọ́n ká a, bíi kí wọ́n tẹ́ ẹ sílẹ̀ kí wọ́n to ẹrù míì lé e lórí, kì í ní ojúkò, ìlà gígùn lásán ni, ó sì lè jẹ́ pé ojú ẹ̀ á máa dán bẹ́ẹ̀ gíláàsì inú ti ya. Ìkejì, tàn án kó o gbé àwòrán funfun sí i, pa iná yàrá, yà á. Ìkẹta, dúró jìnnà kí odindi tẹlifíṣọ̀n hàn. Lẹ́yìn ìyẹn, pa á, má tún máa tàn án fi han àlejò, torí ibi dúdú yẹn lè máa fẹ̀ sí i, wọ́n á wá ní kò rí bẹ́ẹ̀ nínú fọ́tò àkọ́kọ́.

Ohun kan wà tí àwọn ènìyàn kì í rántí. Wo àpò náílọ́nù kékeré tí sìkúrù ẹsẹ̀ tẹlifíṣọ̀n wà nínú ẹ̀. Ṣé o ti ṣí i? Tó bá jẹ́ pé ó ṣì lẹ̀ pa, tí ẹsẹ̀ méjèèjì ṣì wà nínú náílọ́nù tiwọn, tí bátìrì rìmóòtù ò tíì kúrò nínú ike, ya gbogbo ẹ̀. Ta ló máa gbé tẹlifíṣọ̀n tí kò lẹ́sẹ̀ dúró sórí tábìlì kó tó wá já lulẹ̀? Ìyẹn ń sọ pé wọn ò tíì lò ó rí. Náílọ́nù tó bo ojú sikirín náà, tó bá ṣì wà níbẹ̀, má bó o.

Wúrà_Àbíkẹ́
Ẹ ṣeun gan-an ni, Ọlọ́run á bá mi san án fún yín. Sìkúrù ṣì wà nínú náílọ́nù ẹ̀, ẹsẹ̀ náà ò tíì jáde rárá, torí lórí ibùsùn ni mo tẹ́ ẹ lé tí mo fi tàn án.

Mo ti ṣe ti ihò. Èmi àti àbúrò mi gbé e padà sínú fóòmù. Ihò yẹn wà ní apá ojú sikirín, ní ìsàlẹ̀ lápá òsì, mo ki péńsù sí i díẹ̀díẹ̀ láti ìta, ibi tí ìlà dúdú ti bẹ̀rẹ̀ ló wọlé sí. Ohun tí mi ò rí tẹ́lẹ̀ ni pé fóòmù tó wà ní igun yẹn ti ya, wóró funfun ẹ̀ ti tú sísàlẹ̀ páálí. Mo ti yà á tòun ti wóró. Ìdajì fọ́tò wà lórí fóònù àbúrò mi, mo ní kó fi ránṣẹ́ sí mi lórí Wáàsáàpù. Ṣé kí n wá kó gbogbo ẹ̀ ránṣẹ́ sí ọlọ́jà báyẹn?

Lékan_Onífáìlì
Wóró yẹn, má gbá a kúrò. Fi í sínú náílọ́nù, so ó mọ́ fóòmù tó ya. Ohun mímú kan ló wọlé síbẹ̀, ó jọ ẹsẹ̀ irin mọ́tò tí wọ́n fi ń gbé ẹrù sókè tàbí igun ẹrù míì tó mú. Irú ẹ̀ kì í ṣẹlẹ̀ nínú pálọ̀.

Fúnmi_Ayafọ́tò
Wúrà dúró ná. Fọ́tò tó bá gba orí Wáàsáàpù kọjá lọ́nà tí gbogbo ènìyàn ń gbà rán an, ó máa ń fún un pọ̀, ó sì máa ń yọ ọjọ́ àti àkókò tí wọ́n yà á kúrò nínú ẹ̀. Lójú ẹni tó ń yẹ̀ ẹ́ wò, fọ́tò tí kò lọ́jọ́ nìyẹn. Kí àbúrò ẹ rán an gẹ́gẹ́ bíi fáìlì, ibi tí wọ́n ti ń rán ìwé ni kó gbà, kì í ṣe ibi fọ́tò. Tàbí kó fi ímeèlì rán an. Kó má sì pa ti orí fóònù tiẹ̀ rẹ́ títí owó á fi wọlé.

Bákan náà, tó o bá fẹ́ fi pupa yí ibi tó fọ́ ká, ẹ̀dà ni kó o fà á sí. Má fọwọ́ kan ojúlówó, má gé e, má fi kún ìmọ́lẹ̀ ẹ̀. Kó o tún ya àwòrán ojú-ìwé tí wọ́n ti ń tà á sílẹ̀ báyìí báyìí, ibi tí wọ́n kọ "tuntun" sí àti ibi tí wọ́n kọ òfin dídá ọjà padà sí, torí wọ́n lè yí i padà lóru.

Lékan_Onífáìlì
Fúnmi ti sọ ọ́. Tó bá di pé ó fẹ́ kọ̀wé, kó má fi fóònù pè wọ́n mọ́. Ọ̀rọ̀ ẹnu ò ní ẹ̀rí. Orí pèpéle ayélujára tó ti rà á ni kó ti kọ ọ́, ní ibi tí wọ́n ti ń fi ẹjọ́ ọjà sùn, kó má lọ kọ ọ́ sí Wáàsáàpù ọlọ́jà nìkan, torí tó bá di pé pèpéle fẹ́ dá ẹjọ́, ohun tó wà lójú wọn nìkan ni wọ́n ń wò. Kó kúrú, kó má bú ẹnikẹ́ni. Báyìí ni mo ṣe máa kọ ọ́:

"Ọjà tí nọ́ńbà ẹ̀ jẹ́ báyìí dé ọ̀dọ̀ mi lọ́jọ́ báyìí pẹ̀lú ihò lára páálí àti fóòmù tó ya. Sikirín ti fọ́ ní ibi kan náà tí ihò wà. Wọn ò tíì lo ọjà yìí, ẹsẹ̀ àti sìkúrù ẹ̀ ṣì wà nínú náílọ́nù. Fọ́tò wà nísàlẹ̀. Ọjà, páálí àti gbogbo fóòmù wà lọ́wọ́ mi, ẹ lè rán ẹni tó máa yẹ̀ ẹ́ wò tàbí tó máa gbé e. Mo fẹ́ kí ẹ dá gbogbo owó mi padà. Mo ń retí èsì yín kó tó di ọjọ́ báyìí."

Gbólóhùn tó sọ pé "ẹ lè rán ẹni tó máa yẹ̀ ẹ́ wò" yẹn, má yọ ọ́. Àwọn tó ń gbé ẹrù lẹ́tọ̀ọ́ láti wá wo ẹrù àti páálí kí wọ́n tó san nǹkan kan, bí páálí bá sì ti lọ sórí ààtàn, ibẹ̀ ni wọ́n máa ń já ìwé sí. Mo ti rí ẹjọ́ tó dáa gan-an tó kú torí páálí nìkan.

Ìyá_Àṣàkẹ́
Wúrà ọmọ mi, ohun kan ni mo fẹ́ sọ. Àbúrò mi ra àga onígíláàsì, ó dé ní fífọ́, ó fi ẹjọ́ sùn lórí ibi tó ti rà á. Ọlọ́jà wá ń bẹ̀ ẹ́, ó ní ẹ jọ̀ọ́ ẹ pa ẹjọ́ yìí dé, ó ń ba orúkọ mi jẹ́, tí ẹ bá ti pa á dé màá fi owó yín ránṣẹ́ lónìí. Àánú ṣe é, ó pa á dé. Títí di òní. Nígbà tó padà lọ, wọ́n ní ẹjọ́ tí ènìyàn bá ti fọwọ́ ara ẹ̀ pa dé, kò ṣeé ṣí mọ́. Bákan náà, bọ́tìnnì tó máa ń bi ènìyàn pé "ṣé o ti rí ọjà ẹ gbà", má tẹ̀ ẹ́ o. Níbòmíràn, títẹ̀ ẹ́ ló ń jẹ́ kí wọ́n tú owó sílẹ̀ fún ọlọ́jà.

Bàbá_Olùgbọ́
Ó dáa, mo gbọ́ ti fífọwọ́ sí i yẹn. Ṣùgbọ́n òfin kan wà tí ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè jọ fọwọ́ sí ní Montreal ní 1999, ọjọ́ 14 lèèyàn ní láti fi sùn. Nítorí náà kó fara balẹ̀, ó ní ọ̀sẹ̀ méjì gbáko.

Lékan_Onífáìlì
Bàbá, òfin yẹn wà lóòótọ́, ọjọ́ 14 náà sì tọ̀nà, ṣùgbọ́n ẹrù tó bá ọkọ̀ òfuurufú kọjá láti orílẹ̀-èdè kan sí òmíràn ló wà fún, ó sì yọ ẹrù tó bá ọwọ́ ilé ìfìwéránṣẹ́ wá sílẹ̀. Kò kan ẹrù tí mọ́tò gbé láàárín orílẹ̀-èdè kan náà. Ti ojú títì láàárín orílẹ̀-èdè sí orílẹ̀-èdè, bíi ní Yúróòpù, náà ní tiẹ̀, ọjọ́ méje ni wọ́n fún ìfọ́ tí kò hàn síta, wọn ò ka Sunday àti ọjọ́ ìsinmi mọ́ ọn. Ti Wúrà, inú àdéhùn ọlọ́jà àti òfin ibi tó ń gbé ló máa wà. Ẹni tó bá ń dúró de ọjọ́ 14 lè pàdánù ohun tó jẹ́ ọjọ́ mẹ́ta péré.

Kọ́láwọlé_Báńkì
Ó ní káàdì lòun fi sanwó, ó yà mí lẹ́nu pé kò tíì sí ẹni tó mẹ́nu bà á. Bí ọlọ́jà bá kọ̀, báńkì tó fún un ní káàdì lè gba owó padà lọ́wọ́ báńkì ọlọ́jà. Ọjọ́ 120 ni ọ̀pọ̀ káàdì máa ń fún ènìyàn fún ọjà tó dé ní bíbàjẹ́, ṣùgbọ́n báńkì kọ̀ọ̀kan lè fẹ́ kó yá ju bẹ́ẹ̀ lọ, nítorí náà kó béèrè lọ́wọ́ tiẹ̀.

Ẹ fetí sílẹ̀ o, ohun méjì ni wọ́n máa bi í. Ṣé o ti gbìyànjú láti bá ọlọ́jà yanjú ẹ̀? Ìwé tí Lékan kọ yẹn ni ìdáhùn. Ìkejì, ṣé o ti dá ọjà padà, tàbí o ti ní kí wọ́n wá gbé e? Ẹni tó bá ti sọ ọjà tó fọ́ dà nù tàbí tó ti gbé e fún atúnṣe, báńkì ò ní rí ohun tó máa sọ. Kó má sì ṣe ti pèpéle àti ti báńkì pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Tó bá gba báńkì lọ nígbà tí ẹjọ́ ṣì wà lórí pèpéle, pèpéle máa ti tiwọn, wọ́n á ní ó ti lọ bá ẹlòmíì.

Wúrà_Àbíkẹ́
Mo fi ìwé yẹn ránṣẹ́ lánàá pẹ̀lú fọ́tò 19. Ohùn ọlọ́jà ti yí padà. Kò sọ ti fífọwọ́ sí i mọ́. Ó ní òun máa dá ìdá mẹ́ta owó padà, ìyẹn ọ̀kan nínú mẹ́ta, kí n máa lo tẹlifíṣọ̀n náà, tàbí kí n fi owó ara mi gbé e padà wá fún òun kó lè dá gbogbo owó padà. Kí lẹ rí sí i?

Àǹtí_Ṣadé_Ọlọ́jà
Gba ìdá mẹ́ta yẹn kó o fi tún un ṣe. Ẹjọ́ máa ń pẹ́.

Múfútàù_Atúntẹlifíṣọ̀nṣe
Àǹtí, ẹ má bínú sí mi o. Sikirín ni tẹlifíṣọ̀n. Tí mo bá ní kí n pààrọ̀ ẹ̀, owó sikirín nìkan máa ń sún mọ́ owó tuntun, nígbà míì ó ń ju bẹ́ẹ̀ lọ, ìdí nìyẹn tí mo fi máa ń dá wọn padà. Ìdá mẹ́ta ò lè tún un ṣe. Tó bá jẹ́ pé ike ẹ̀yìn ló sán, tàbí ẹsẹ̀ kan ló kán, mi ò ní bá yín jiyàn.

Lékan_Onífáìlì
Kọ̀ ọ́. Gbígbé e padà náà, má fi owó ara ẹ ṣe é, má sì gbé e kúrò nílẹ̀ títí wọ́n á fi rán ìwé ìgbẹ́rù tiwọn wá. Tó o bá fi tìẹ ránṣẹ́ tó tún fọ́ sí i lọ́nà, ìwọ lo di ẹni tó rán ẹrù. Tí wọ́n bá wá gbé e, kọ nọ́ńbà sára fóòmù kọ̀ọ̀kan kó o lè dá wọn padà síbi tí wọ́n wà, ya gbogbo ẹ̀ kó o tó lẹ tépù mọ́ ọn, má lẹ nǹkan kan bo ihò yẹn, kó o sì gba ìwé lọ́wọ́ dírẹ́bà pé ó gbé e. Lórí ìwé yẹn, kó kọ ọ́ pé "sikirín ti fọ́ kó tó gbé e."

Wúrà_Àbíkẹ́
Mo ti kọ ọ́ padà sí wọn pé rárá. Wọ́n ti gbà báyìí láti rán mọ́tò wá gbé e lọ́jọ́bọ̀, ìwé ìgbẹ́rù wọn ti wọ ímeèlì mi. Mo ti bá ẹni tá a jọ ń gbé sọ̀rọ̀, páálí ti wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn yàrá mi. Ohun kan ló kù tí mi ò mọ̀: owó tí mo san fún gbígbé e wá níbẹ̀rẹ̀, ṣé yóò padà pẹ̀lú owó ọjà?

Kọ́láwọlé_Báńkì
Ó yẹ kó padà, torí o ò rí ohun tó o sanwó fún gbà. Béèrè rẹ̀ ní kíkọ kí mọ́tò tó dé.

Àǹtí_Ṣadé_Ọlọ́jà
Èmi kì í dá owó ìgbẹ́rù padà o, àwọn tó gbé e ti ná an. Ó wà lójú-ìwé mi.

Morẹ́nikẹ́jì
Àǹtí, a tún padà sójú-ìwé yín. Wúrà, wo òfin ibi tó o ti rà á, àwọn kan ń dá a padà tó bá jẹ́ pé ọjà ló bàjẹ́, àmọ́ wọn kì í dá a padà fún ẹni tó kàn yí ọkàn padà. Ìyàtọ̀ yẹn ni kó o tẹnu mọ́.